Ìmọ̀ràn Pẹ́ Ju Bátìrì Lọ: Ìtàn Ṣájà Fóònù ní Ìkòsì, láti Wáàtì Kan dé 120

Màmá ọ̀kan nínú wa ń ta ọsàn ní ọjà èso Ìkòsì, ní Kétu. Lọ́dún tó kọjá, fóònù wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kú nígbà tó bá kù 40%. Wọ́n á wò ó pé iná ṣì wà nínú rẹ̀ dáadáa, kí wọ́n tó ka owó oníbàárà kan tán, ojú rẹ̀ á ti ṣókùnkùn. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan ra ọsàn apẹ̀rẹ̀ méjì, ó ní òun ti fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì wọn. Fóònù ti kú, wọn ò lè rí alẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì jẹ́ kó máa lọ. Nígbà tí fóònù náà jí ní alẹ́, wọ́n wá owó náà títí, wọn ò rí i. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀ tí bátìrì náà wú, tó sì ti ìdérí ẹ̀yìn fóònù sókè.

Ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe nítòsí ibẹ̀ gbà á lọ́wọ́ wọn, ó mi orí. Ó ní, "Màmá, àwọn ṣájà ayára yìí ló ń pa bátìrì. Ẹ lọ ra èyí tí kì í yára."

Màmá ní, "Ọmọ mi, èmi ò ní ṣájà tó ń yára rí. Ti ọmọ mi ló ń yára."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣájà tiwọn, 5V àti 1A ni wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀, wáàtì 5 péré. Ti ọmọ wọn, tó wà láàárín wa, jẹ́ wáàtì 33, fóònù rẹ̀ sì ti lé ní ọdún méjì lọ́wọ́ rẹ̀ láìwú. Ọ̀rọ̀ yìí ló mú wa bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn ẹ̀gbọ́n wa léèrè, tí a sì ń ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ṣájà àtijọ́ nínú dúrọ́ọ̀ àwọn òbí wa. Ohun tí a rí ni pé ní Èkó, ìmọ̀ràn nípa ṣájà máa ń pẹ́ ju bátìrì tí wọ́n torí rẹ̀ dá a lọ. Bátìrì yí padà ní ẹ̀ẹ̀mejì, ṣájà yí padà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń sọ fún ẹni tó ra fóònù tuntun kò yí padà.

Wáàtì kan àti díẹ̀

Oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ GSM ní Nàìjíríà. Nokia 3310 jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn fóònù tí gbogbo ènìyàn mọ̀ nígbà náà. Bátìrì tó ń bá a jáde jẹ́ ti níkẹ́lì, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ 900 mAh. Ẹ wo ẹ̀yìn ṣájà rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ACP-7: 3.7V, 355mA ni wọ́n kọ sí i. Bí a bá fi fólítì sọ àńpíà di púpọ̀, a ó rí wáàtì. Fólítì 3.7 lọ́nà àńpíà 0.355 jẹ́ wáàtì 1.3. Ìyẹn ni gbogbo agbára tí ṣájà náà ní.

Bátìrì níkẹ́lì ní ìwà kan. Bí ẹnì kan bá ń ṣájì rẹ̀ nígbà gbogbo láti agbedeméjì, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ẹni pé agbedeméjì yẹn ni òpin rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń sọ pé kí a jẹ́ kó kú pátápátá kí a tó fi sí iná, kí a sì fi fóònù tuntun sí iná fún wákàtí púpọ̀ kí a tó lò ó. Ìmọ̀ràn yẹn dára fún bátìrì yẹn.

Ṣùgbọ́n bátìrì lítíọ́mù ti wà lọ́jà láti ọdún 1991, nígbà tí Sony kọ́kọ́ tà á ní Japan. Láàárín ọdún díẹ̀ tí GSM dé, òun ló gba inú fóònù. BL-5C tó wà nínú ọ̀pọ̀ Nokia kékeré, lítíọ́mù ni. Lítíọ́mù kò ní ìwà níkẹ́lì yẹn rárá. Kò fẹ́ kí a jẹ́ kó kú pátápátá, kò sì nílò wákàtí 8 lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Síbẹ̀, ẹ lọ ra fóònù ní Kétu lónìí, ẹ ó rí ẹni tí yóò sọ fún yín pé, "Ẹ ṣájì ẹ̀ di àárọ̀ kí ẹ tó tàn án." Bátìrì níkẹ́lì ló ń bá sọ̀rọ̀, bátìrì tó ti kúrò nínú fóònù tipẹ́.

Ìgbà kan náà ni ṣájà tí a ń pè ní dẹ́sítọ́ọ̀pù gbalẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa rántí rẹ̀: a ó yọ bátìrì kúrò nínú fóònù, a ó fi ẹnu irin méjì rẹ̀ há bátìrì náà, iná aláràbarà á máa ṣẹ́jú. Ó ń bá gbogbo bátìrì mu, ìdí nìyẹn tí àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣájì fóònù fún owó ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ irin mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló máa ń wà lórí bátìrì. Méjì jẹ́ ti iná, àwọn tó kù sì wà fún fóònù láti fi mọ irú bátìrì tó jẹ́, tàbí bó ṣe gbóná tó. Irin méjì péré ni dẹ́sítọ́ọ̀pù ń fọwọ́ kàn. Kò mọ̀ bóyá bátìrì ń gbóná, kò sì bi í. Bátìrì tó wú nígbà náà pọ̀, ìmọ̀ràn kejì sì ti ibẹ̀ wá: "Ṣájà tó bá yára, ó ń ba bátìrì jẹ́." Fún dẹ́sítọ́ọ̀pù, òótọ́ ni.

NEPA ló fún wa ní ìmọ̀ràn kẹta. Iná ń dé nígbà tó wù ú, ó ń lọ nígbà tó wù ú. Ẹni tó bá rí iná ní aago 11 alẹ́ á fi fóònù sí i, á sì sùn. Bó bá jí, tí iná ṣì wà, kò ní yọ ọ́, nítorí kò mọ ìgbà tí yóò tún dé. "Jẹ́ kó kún dáadáa kí wọ́n tó mú un lọ." Orúkọ NEPA yí sí PHCN ní 2005, wọ́n sì fi iṣẹ́ lé àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́ ní oṣù kọkànlá 2013, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn yìí dúró gbọn-in.

Ìgbà tí ṣájà kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ

Ẹnu ṣájà ìgbà náà pọ̀ bí ilé iṣẹ́ fóònù ṣe pọ̀. Ní 2009, àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá fọwọ́ sí i ní Yúróòpù pé àwọn yóò máa lo ẹnu USB kékeré kan náà. Agbára tí USB ń fúnni ṣì kéré nígbà náà: fólítì 5, àńpíà ààbọ̀, wáàtì 2.5. Ní òpin 2010, ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní BC 1.2 gbé e sókè dé àńpíà 1.5.

Bí ìyẹn ṣe ń ṣiṣẹ́ rọrùn, ó sì jẹ́ ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e. Wáyà mẹ́rin ló wà nínú okùn USB ìgbà náà, méjì fún iná, méjì fún ìsọfúnni. Ṣájà tó fẹ́ fi ara rẹ̀ hàn á so wáyà ìsọfúnni méjèèjì pọ̀ mọ́ ara wọn nínú. Fóònù á fi iná kékeré dán an wò ní wáyà kan, bó bá rí i pé ó jáde ní ìkejì, á mọ̀ pé kì í ṣe kọ̀ǹpútà ni wọ́n so òun mọ́, á wá gba iná púpọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ṣájà sọ fún fóònù nìyẹn, "Ṣájà ni mí."

Ní 2013, Qualcomm ti Amẹ́ríkà mú Quick Charge jáde, ẹ̀dà kejì rẹ̀ tó dé kété lẹ́yìn náà sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà di ìbéèrè àti ìdáhùn. Fóònù á fi fólítì 3.3 sí wáyà ìsọfúnni kan, á fi 0.6 sí ìkejì, ìyẹn sì túmọ̀ sí pé, "Fún mi ní fólítì 9." Bó bá fi 0.6 sí méjèèjì, 12 ló ń béèrè. Bí kò bá béèrè ohunkóhun, ṣájà náà á dúró síbi fólítì 5. Irú èdè tí ṣájà àti fóònù fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní prótókọ́ọ̀lù.

Ní 2014, OPPO gba ọ̀nà mìíràn pẹ̀lú VOOC. Dípò kí fólítì pọ̀, fólítì dúró nítòsí 5, àńpíà ló gòkè ju 4 lọ, okùn rẹ̀ sì nípọn. Ìdí rẹ̀ dára láti mọ̀. Bí fólítì 9 bá wọ fóònù, fóònù gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di fólítì tí bátìrì lè gbà, iṣẹ́ yẹn sì ń mú ooru wá nínú fóònù fúnra rẹ̀. VOOC fi iṣẹ́ yẹn, àti ooru rẹ̀, sílẹ̀ sínú ṣájà lára ògiri.

Ní Èkó, Infinix àti Tecno ló mú ọ̀rọ̀ yìí dé àpò àwọn ènìyàn bíi tiwa. Infinix Hot Note ti 2015, bátìrì 4000 mAh pẹ̀lú ṣájì ayára, bá ìgbésí ayé wa mu: bí iná bá wá fún wákàtí kan, wákàtí kan náà tó. Láti ibẹ̀, ìdíje bẹ̀rẹ̀. Ní 2022, Infinix gbé Note 12 VIP tó jẹ́ wáàtì 120 jáde. Lọ́dún yẹn kan náà, Zero Ultra dé wáàtì 180, ilé iṣẹ́ náà sì ní bátìrì rẹ̀ tó jẹ́ 4500 mAh yóò kún láàárín ìṣẹ́jú 12. Láti 1.3 dé 180 láàárín nǹkan bí 20 ọdún.

Ní gbogbo àkókò yìí, USB fúnra rẹ̀ ń ṣe èdè kan tí gbogbo ènìyàn lè sọ, USB Power Delivery, tí à ń kọ ní PD. Wáyà mìíràn nínú ẹnu USB-C ló ń gbà sọ̀rọ̀. Ṣájà á ka ohun tó ní fún fóònù: "Mo ní 5, mo ní 9, mo ní 15, mo ní 20." Fóònù á yan ọ̀kan. Ní 2017 wọ́n fi PPS kún un, èyí tó ń jẹ́ kí fóònù béèrè fólítì ní ìṣísẹ̀ kékeré kékeré, kí iṣẹ́ ìyípadà inú fóònù lè dín kù. Láti ọjọ́ 28 oṣù kejìlá 2024, òfin Yúróòpù ti sọ pé fóònù tuntun tí wọ́n bá tà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ lo USB-C, èyí tó bá sì ń yára gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè PD.

Ohun tí ìtàn yìí fi hàn ni pé wáàtì tí wọ́n kọ sára ṣájà jẹ́ ìwọ̀n ohun tó *lè* fúnni. Kì í tì í wọ fóònù. Bí ìkòkò olóúnjẹ ṣe tóbi tó, kò ní kó bu ṣíbí mẹ́wàá fún ẹni tó ra méjì. Ẹ fi ṣájà wáàtì 120 sí fóònù tí kò gbọ́ èdè rẹ̀, fólítì 5 ni yóò rí gbà, á sì máa ṣájì díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ra fóònù tòkunbọ̀ láìsí ṣájà, tó wá ra ṣájà ńlá ti ilé iṣẹ́ mìíràn, fi ń sọ pé wọ́n lu òun ní jìbìtì. Nígbà mìíràn, èdè wọn ni kò pa pọ̀.

BRT ní Mile 12

Tí ṣájà kì í bá ti iná wọ fóònù, kí ló wá ń pa bátìrì? Ẹ jẹ́ ká wo inú rẹ̀.

Ẹ ronú nípa bọ́ọ̀sì BRT tó ń gbé èrò ní Mile 12, tó ti ń ná CMS láti oṣù kẹta 2008. Nígbà tí bọ́ọ̀sì ṣófo, èrò lè wọlé wìtìwìtì, kálukú á rí àga. Nígbà tó bá kù àga mẹ́wàá, ìwọlé á falẹ̀, nítorí ẹni tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ wá ibi tó ṣófo. Bí wọ́n bá wá ń ti èrò gìrìgìrì nígbà yẹn, àwọn kan á há sẹ́nu ọ̀nà.

Lítíọ́mù nínú bátìrì ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Bí a bá ń ṣájì, ó ń kúrò ní apá kan, ó ń lọ jókòó sí àárín àwọn ìpele gíráfáìtì ní apá kejì. Bí iná bá ti pọ̀ jù nígbà tí gíráfáìtì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, tàbí nígbà tí bátìrì tutù púpọ̀, àwọn tí kò ráyè wọlé á di irin sẹ́nu ọ̀nà. Irin yẹn kì í sábà padà di èrò mọ́. Òun ni ìpalára tí ìyára nìkan lè ṣe.

Ilé iṣẹ́ fóònù mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí fóònù kì í fi gba wáàtì 33 tàbí 120 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Á gbà á nígbà tí bọ́ọ̀sì ṣófo, á máa dín in kù bó ṣe ń kún. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gba wáàtì 120 tún ń pín bátìrì sí méjì, kí iná náà má bàa wọ ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo.

Ìpalára kejì kò nílò ìyára rárá. Lórí gíráfáìtì, awọ tín-ín-rín kan wà tó ń dáàbò bò ó. Awọ yìí ń nípọn díẹ̀díẹ̀, ó sì ń jẹ lítíọ́mù bó ṣe ń nípọn. Ohun méjì ló ń mú un yára: ooru, àti kí bátìrì wà ní kíkún, níbi tí fólítì rẹ̀ ga jù. Bí méjèèjì bá pàdé, omi kẹ́míkà inú bátìrì á máa túká, afẹ́fẹ́ á jáde, bátìrì á wú. Battery University, ojúewé ẹ̀kọ́ tí Isidor Buchmann ti Kánádà dá sílẹ̀, ní àtẹ kan tó fi èyí hàn. Bátìrì lítíọ́mù tí wọ́n fi pamọ́ ní ìwọ̀n ooru 25 fún ọdún kan, ní 40%, yóò ṣì ní nǹkan bí 96% agbára rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi pamọ́ ní ooru 40, ní kíkún, yóò ku 65% péré. Ẹ kíyè sí i pé wọn ò ṣájì wọn ní ìgbà yẹn. Ìjókòó lásán ni.

Àwa náà dán an wò

A mú fóònù ọmọ màmá, bátìrì 5000 mAh, a so ó mọ́ kọ̀ǹpútà láìlo okùn, a sì ń fi àṣẹ yìí bi í léèrè nígbà tó ń ṣájì:

```
adb shell dumpsys battery
```

Nínú èsì rẹ̀, `level` ni ìdá iná, `voltage` jẹ́ fólítì ní ìdá ẹgbẹ̀rún, `temperature` sì jẹ́ ooru ní ìdá mẹ́wàá, tó fi jẹ́ pé 398 túmọ̀ sí 39.8.

Ṣájà rẹ̀ jẹ́ 11V àti 3A, wáàtì 33. Bátìrì 5000 mAh tí fólítì rẹ̀ wà nítòsí 3.87 ń gba nǹkan bíi wáàtì-wákàtì 19. Ìṣirò lásán á ní kó kún láàárín ìṣẹ́jú 35. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti 15% dé 50% gba ìṣẹ́jú 22. Dé 80%, ìṣẹ́jú 47. Ó di ìṣẹ́jú 78 kó tó kún. Ìdá 20 tó kẹ́yìn nìkan gba ìṣẹ́jú 31. Ooru rẹ̀ gòkè dé 39.8 ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ń sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn náà. Gbogbo ìgbà tó gbóná kò ju ìdajì wákàtí lọ.

Lọ́jọ́ kejì, a tún un ṣe nígbà tó ń pín dátà fún kọ̀ǹpútà, tó sì wà lábẹ́ pílò. Ooru dé 44, fóònù náà sì dín iná kù fúnra rẹ̀. Ó pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ ni ó gbóná jù ú lọ.

Lẹ́yìn náà, a lọ sí ìsọ̀ màmá. Wọ́n ti fi bátìrì tuntun sí fóònù wọn. A ní kí wọ́n ṣe bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, fún ọ̀sán kan ṣoṣo. Fóònù wà lórí tábìlì lábẹ́ páànù, a so ó mọ́ páwà báǹkì láti àárọ̀, kó má bàa kú kí alẹ́ẹ̀tì tó wọlé. Ìdajì wákàtí lẹ́yìn aago 2 ọ̀sán, ohun tó dáhùn nìyí: `level: 100`, `voltage: 4391`, `temperature: 431`. Bátìrì tó kún, ní ooru 43, láti nǹkan bí aago 11 di ìrọ̀lẹ́, lójoojúmọ́ àfi ọjọ́ Ìsinmi. Ní alẹ́, wọ́n á tún fi sí iná di àárọ̀, nítorí NEPA kọ́ wọn bẹ́ẹ̀.

Ṣájà wáàtì 5 yẹn kò ti iná kankan gìrìgìrì. Ìdá kan nínú márùn-ún agbára bátìrì ló ń fún un ní wákàtí kan, nígbà tí ti ọmọ wọn ń fún bátìrì rẹ̀ ní ohun tó lé ní ìlọ́po kan nígbà tó bá ṣófo. Ṣùgbọ́n fóònù ọmọ ń gbóná fún ìdajì wákàtí, ó sì ń kúrò lórí iná. Ti màmá ń gbé nínú ooru pẹ̀lú ikùn tó kún. Fóònù méjì kò tó láti fi dájọ́ fún gbogbo fóònù, bátìrì wọn kì í sì í ṣe ti ilé iṣẹ́ kan náà. Àmọ́ ohun tí a rí bá àtẹ Buchmann mu.

Èyí kò sọ pé ìyára kò ní owó tí à ń san. Bí bátìrì méjì bá jọra, tí ooru wọn dọ́gba, èyí tí à ń yára ṣájì ni yóò kọ́kọ́ gbó. Ibi tí ìjà wà ni bí iṣẹ́ ọnà ṣe lè dín in kù tó. OPPO sọ ní 2022 pé bátìrì òun tó ń gba wáàtì 150 yóò ṣì ní 80% lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣájì rẹ̀ kún nígbà 1600. Òfin Yúróòpù tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 20 oṣù kẹfà 2025 béèrè 80% yẹn lẹ́yìn ìgbà 800. Ẹni tó bá ń ṣájì lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ á lo ọdún méjì àti oṣù díẹ̀ kó tó dé 800.

Ohun tó yí padà ní ìsọ̀ náà

Ohun mẹ́ta ni màmá yí padà. Wọ́n gbé fóònù kúrò lábẹ́ páànù sínú apẹ̀rẹ̀ kékeré kan tó wà nísàlẹ̀ tábìlì, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ọmọ wọn wá ibi tí fóònù ti lè dúró ní 80% nínú ètò bátìrì rẹ̀, ó sì tàn án. Wọ́n sì gba ṣájà wáàtì 18 kan, wọ́n ń fi fóònù sí iná fún wákàtí kan kí wọ́n tó jáde lọ sọ́jà, wọn kì í fi sùn mọ́. Ìyára ló jẹ́ kí ìyẹn ṣeé ṣe: pẹ̀lú wáàtì 5, wákàtí kan kò ní gbé e dé ibi kankan.

Nígbà tí a ń ra ṣájà náà, a kọ́ ohun kan tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀. Iwájú ọ̀pọ̀ ṣájà lójú ọ̀nà kọ 120W gàdàgbà. Ẹ yí i padà, kí ẹ ka lẹ́tà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ `OUTPUT`. Bí ó bá jẹ́ `5V⎓2A` nìkan ló wà níbẹ̀, wáàtì 10 lẹ ń rà. Ṣájà tó lè sọ èdè máa ń to gbogbo fólítì tó ní: 5, 9, 11 tàbí 12, àti àńpíà tó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ. Ti PD máa ń kọ PD, èyí tó ní PPS máa ń kọ ọ́ pẹ̀lú. Bí fóònù bá sì ti wú, ọ̀rọ̀ ṣájà ti parí. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ padà, ẹ má gún un, ẹ má tún fi sí iná. Ẹ pa á, kí ẹ gbé e lọ fún ẹni tó lè yọ bátìrì náà.

A padà lọ bá ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe, a fi nọ́ńbà wa hàn án. Ó wò ó pẹ́, ó wá bi wá pé ṣé a lè kọ àṣẹ tí a fi ń wo ooru yẹn sílẹ̀ fún òun. A kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì rẹ̀. Màmá, tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan tí wọ́n ń bó ọsàn, ní àwọn ò nílò nọ́ńbà. Láti ìgbà tí fóònù ti wà nínú apẹ̀rẹ̀, kò tíì kú lójú oníbàárà kankan.